Kọ́ọ̀fù tí kò tó apá: ìdí tí ẹ̀rọ ilé fi ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe wà lọ

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ̀rọ ìfúnpá fún màmá mi ní Òṣogbo. Ẹni ọdún 64 ni wọ́n, apá wọn sì tóbi. Ìnṣì 16 ni télọ̀ wọn ń kọ sílẹ̀ fún yíká apá. Nílé, ẹ̀rọ yìí ń kọ 162/96 tàbí 158/94. Nílé ìwòsàn, 138/84 ni wọ́n bá lára wọn. Nígbà tí mo wé e mọ́ apá tèmi, 116/74 ló kọ. Mo rí 22–32 cm lára aṣọ rẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni, àbí kí màmá mi fi kún oògùn wọn?"

Ọmọ mi, kí màmá má fi kún oògùn kankan báyìí. Kí n tó wo nọ́ńbà ìfúnpá rárá, ìnṣì 16 tí télọ̀ kọ àti 22–32 tó wà lára aṣọ náà ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá. Ìnṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, nítorí náà ìnṣì 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 41. Aṣọ tí a ń wé mọ́ apá yẹn, èyí tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní kọ́ọ̀fù, apá tí yíká rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ ni wọ́n ṣe é fún. Mo mọ̀ pé télọ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀ kí apá bùbá má baà fún ènìyàn, torí náà apá màmá fúnra rẹ̀ lè má tó 41. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ yọ odindi ìnṣì kan kúrò, 38 ló kù, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ju ohun tí kọ́ọ̀fù náà lè gbà lọ.

Nípa pé bóyá ẹ̀rọ ti bàjẹ́, 116/74 tó kọ fún ìwọ kò jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà pé ẹ̀rọ kan náà lè sọ òótọ́ fún ọmọ, kó sì ṣi ti ìyá kà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, síbẹ̀ mo ti rí i lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó máa ń tan wọ́n jẹ ni pé kọ́ọ̀fù náà ṣì ń lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n gbà pé bí ó bá ti lẹ̀, ó ti tó nìyẹn. Mú kọ́ọ̀fù yẹn wá, kí o tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí o sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ láti ibi tí rọ́bà afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Wàá rí i pé ibì kan wà tó nípọn, tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, bí ìgbà tí àpò wà nínú àpò. Nígbà tó bá yá, ìnípọn yẹn á tán, aṣọ lásán ló kù títí dé ìdí. Ibi tó nípọn yẹn ni àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, òun nìkan ló ń tẹ apá. Gbogbo aṣọ tó kù, ìdè lásán ni.

Àpò rọ́bà yìí ni a fi ń mọ̀ bóyá kọ́ọ̀fù tó apá. Gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí apá ká tó ìdá 80 nínú 100, ó kéré tán, fífẹ̀ rẹ̀ sì yẹ kó súnmọ́ ìdá 40 nínú 100 yíká apá náà. Ká ní àpò tó wà nínú kọ́ọ̀fù rẹ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24. Lára apá tó jẹ́ 30, ìdá 80 gééré nìyẹn, kò sí wàhálà. Gbé àpò kan náà lọ sára apá tó jẹ́ 38, ó di ìdá 63. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta apá màmá lọ tí rọ́bà kò kàn rárá, aṣọ nìkan ló bò ó. Apá 38 ń fẹ́ àpò tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ó lé díẹ̀, tó sì fẹ̀ tó 15.

Wàyí o, kí ló dé tí kíkéré kọ́ọ̀fù fi ń gbé nọ́ńbà sókè, tí kì í gbé e wálẹ̀? Ẹ̀rọ náà kò rí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ màmá. Agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpò tirẹ̀ nìkan ló mọ̀, ìyẹn náà ló sì ń kà jáde. Ó gbà pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ awọ ara lóde, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́bàá egungun. Bí àpò bá fẹ̀ tó sì yí apá ká dáadáa, bó ṣe rí nìyẹn. Bí kò bá fẹ̀ tó, ọ̀ràn yí padà. Fi ojú inú wo rọ́bà omi tí a tẹ́ sábẹ́ fóòmù ibùsùn. Bí o bá fi pákó tó fẹ̀ tẹ fóòmù náà, gbogbo rẹ̀ á jọ rì, ìtẹ̀ náà á dé ara rọ́bà, omi á sì dá. Bí o bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ ojú kan, fóòmù á wọ́ sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀ nínú agbára rẹ ni yóò dé ìsàlẹ̀. Kí omi tó dá, o ní láti tẹ̀ ẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹran ara àti ọ̀rá tó wà ní apá ni fóòmù yẹn. Ní àárín àpò ni ìtẹ̀ ti ń wọlé jìnnà jù, ní etí rẹ̀ sì ni ó ti ń rọ̀. Bí àpò bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí apá sì nípọn, etí méjèèjì á súnmọ́ra débi pé kò ní sí àárín tó lágbára tó láti dé ìdí iṣan.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní ìfúnpá òkè ìyá kan, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń kọ ṣáájú, jẹ́ 140 lóòótọ́. Bí kọ́ọ̀fù bá tó o, iṣan á dí nígbà tí afẹ́fẹ́ inú kọ́ọ̀fù bá dé 140, ẹ̀rọ á sì kọ 140. Bí kò bá tó o, afẹ́fẹ́ á dé 140, ṣùgbọ́n ohun tó dé ara iṣan lè jẹ́ 122 péré. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa rọ́nà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tó dé 160 ni ìtẹ̀ ara iṣan á tó pé 140, ibẹ̀ ni iṣan á ti dí. Ẹ̀rọ á kọ 160. Kò purọ́, nítorí 160 ló wà nínú àpò rẹ̀ lóòótọ́. Ìwọ̀n àpò rẹ̀ ló kọ, kò kọ ti ìyá náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ fúnra wọn bíi tìrẹ kì í fetí sí ìró bí àwa ṣe ń fi ohun èlò etí ṣe. Bí iṣan ṣe ń mi kọ́ọ̀fù jìgìjìgì nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jáde ni wọ́n ń tọ́ka sí, wọ́n á sì fi ìṣirò tí wọ́n kọ sínú wọn yọ nọ́ńbà méjèèjì. Apá tó bá kọ́ọ̀fù mu ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ èyí. Ní 1896, Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, ṣe ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ló lò, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Kò tó ọdún mélòó kan, ní 1901, tí Heinrich von Recklinghausen ní Jámánì fi hàn pé kọ́ọ̀fù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mú kí ó fẹ̀ sí i ju ìlọ́po méjì lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn láti tọ́ka sí jù ni ìwádìí tí Yunifásítì Johns Hopkins tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023. Àgbàlagbà 195 ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi kọ́ọ̀fù tó bá apá kálukú mu wọn ìfúnpá wọn, wọ́n sì tún fi kọ́ọ̀fù gbogboògbò wọ̀n ọ́n. Àwọn tí apá wọn ń fẹ́ kọ́ọ̀fù ńlá, nọ́ńbà òkè wọn fi nǹkan bí 5 ga sí i. Àwọn tí apá wọn ń fẹ́ èyí tó tóbi jù lọ, ó fi nǹkan bí 20 ga lókè, ó sì fi 7 ga nísàlẹ̀. Bí o bá wo 162/96 ti ilé àti 138/84 ti ilé ìwòsàn màmá rẹ, wàá rí i pé àlàfo wọn kò jìnnà sí ti àwọn tí apá wọn tóbi jù yẹn.

Èmi gan-an ti jẹ̀bi ọ̀ràn yìí rí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kọ́ọ̀fù kan ṣoṣo ni a fi ń wọn gbogbo ẹni tó bá wọlé, ọ̀dọ́ àti arúgbó, tín-ínrín àti gbọ̀ǹgbọ̀. Ìyá olóúnjẹ kan máa ń wá lóṣooṣù. 168, 170, 166, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, dókítà sì ń fi oògùn kún oògùn títí ó fi di mẹ́ta. Kọ́ọ̀fù náà máa ń já ṣí nígbà tí mo bá ń fẹ́ ẹ, mo sì máa ń fi ọwọ́ mi dì í mú kí ó lè dúró. Ọjọ́ kan ni ìyá náà dìde lórí bẹ́ǹṣì, òòyì gbé e, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lójú wa. Ọ̀gá wa kan tó ń kọjá ló bi mí pé, "Èwo nínú kọ́ọ̀fù lẹ fi ń wọn ìyá yìí?" Ó ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n gbé èyí tó tóbi wá. A wọn apá ìyá náà, 41 ni. A jẹ́ kó sinmi tán, a fi kọ́ọ̀fù wa àtijọ́ wọ̀n ọ́n, 168/98. A dúró díẹ̀, a fi ńlá wọ̀n ọ́n ní apá kan náà, 146/90. Mi ò sọ pé kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ó ní. Ṣùgbọ́n oògùn kẹta, nọ́ńbà tí mo fi ọwọ́ mi kọ ló fà á, dókítà sì dá a dúró lọ́jọ́ náà.

Bí o bá ti ka èyí, ó lè máa ṣe ọ́ bíi kí o kàn máa yọ 20 kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ ilé bá kọ. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. 20 yẹn, ìdá ọgbọọgba ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Ti ẹnì kan lè jẹ́ 8, ti ẹlòmíràn 30, bí ẹran apá wọn ṣe le tàbí rọ̀ sí. Kò sí ìṣirò tó lè sọ kọ́ọ̀fù kékeré di ńlá. Ohun kan sì tún wà tí mi ò lè fi pamọ́ fún ọ: ó ṣeé ṣe kí ìfúnpá màmá ga nílé lóòótọ́ ju bó ṣe ń rí nílé ìwòsàn lọ. Irú ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń fara pa mọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ wà, ó sì léwu. Láti ibi tí mo wà yìí, mi ò lè sọ pé kọ́ọ̀fù nìkan ló fà á. Kọ́ọ̀fù tó bá apá wọn mu ló lè yanjú rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ wọn apá ná. Ẹ gba téèpù télọ̀, kí màmá bọ́ apá bùbá kúrò pátápátá, kí wọ́n jẹ́ kí apá òsì rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ láìdi iṣan. Wá egungun tó yọ ní orí èjìká, kí o sì wá orí ìgúnpá. Wọn àárín àwọn méjèèjì, fi báírò kọ àmì síbi ìdajì. Yí téèpù ká apá ní ojú àmì yẹn, kí ó kan ara láìfún ẹran. Ojú sẹ̀ǹtímítà ni kí o kà, nítorí òun ni wọ́n ń kọ sára kọ́ọ̀fù. Ṣe apá ọ̀tún náà. Tìrẹ náà, wọ̀n ọ́n, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí o bá fẹ́ ra kọ́ọ̀fù, má gba ọ̀rọ̀ "mídíọ̀mù" tàbí "láàjì" gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Láàjì ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ mídíọ̀mù òmíràn. Sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni kí o wò. Bí apá màmá bá jẹ́ 38, èyí tí wọ́n kọ 32–42 sí ló dára jù lójú mi, torí 38 bọ́ sí inú rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ 22–42 sí náà wà, ó sì rọrùn fún ilé tí apá kékeré àti ńlá ti ń lo ẹ̀rọ kan, bí ó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ṣe é. Bí apá bá ju 42 lọ, ẹ béèrè èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Má ra kọ́ọ̀fù ilé iṣẹ́ kan fún ẹ̀rọ òmíràn, kódà bí ẹnu rọ́bà rẹ̀ bá wọlé wẹ́rẹ́, nítorí ìṣirò inú ẹ̀rọ kò mọ àpò àlejò. Mú ẹ̀rọ rẹ dání lọ sí kẹ́míìsì, kí o fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀ hàn wọ́n. Bí wọn kò bá ní kọ́ọ̀fù ńlá fún irú rẹ̀, àfi kí o wá ẹ̀rọ mìíràn tó bá kọ́ọ̀fù ńlá wá. Owó yẹn dùn mí fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà mìíràn.

Má sì rò pé kí o kúkú ra èyí tó tóbi jù lọ láti bọ́ nínú wàhálà. Kọ́ọ̀fù tó tóbi ju apá lọ ń fa nọ́ńbà wálẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà tó ti kékeré, àmọ́ ó lè fi ẹ̀jẹ̀ ríru pa mọ́ lára ẹni tí apá rẹ̀ tín-ínrín. Ìdí tí mo fi ní kí o wọn apá tìrẹ nìyẹn. Bí apá rẹ bá jẹ́ 26, kọ́ọ̀fù 32–42 tí ẹ rà fún màmá kì í ṣe tìrẹ, fi èyí àtijọ́ pamọ́ fún ara rẹ.

Bí ẹ bá wé e, ìlà kékeré kan wà ní etí kọ́ọ̀fù, ìlà méjì mìíràn sì wà nínú aṣọ rẹ̀. Ìlà etí gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín àwọn méjì yẹn. Lára màmá, ìlà kọ́ọ̀fù àtijọ́ kò ní dé ibẹ̀ rárá. Àmì kan tún wà tó ń fi ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà hàn. Ọwọ́ inú apá ni kí ó kọjú sí, kí ìdí kọ́ọ̀fù sì fi ìka méjì ga sókè ojú ìgúnpá. Ara òfo ni kí ẹ wé e mọ́. Mo ń rí àwọn ìyá tó ń ká apá bùbá sókè títí tí yóò fi di okùn mọ́ wọn lápá, ìyẹn náà ń ba ìwọ̀n jẹ́.

Apá tó tóbi sábà máa ń fẹ̀ lókè kí ó sì tín-ín nísàlẹ̀ bíi ẹnu àrọ. Kọ́ọ̀fù tó gún régé lè fún lókè kí ó sì máa ṣí gbàyawu nísàlẹ̀ nítòsí ìgúnpá, kódà bí sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ bá bá a mu. Bí ti màmá bá rí bẹ́ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì wò ó. Ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ wà fún irú wọn, mi ò sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ bá fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọkàn lọ, nọ́ńbà á gòkè. Bí ó bá ga, á wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gbé ọrùn ọwọ́ sí ojú àyà ní gbogbo ìgbà, kó sì kọ́kọ́ gbé e lọ fi wé ti ilé ìwòsàn.

Tí kọ́ọ̀fù tó yẹ bá ti dé, kí màmá fi ọjọ́ méje wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ àti ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan sáàárín. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá sinmi lórí tábìlì, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún dákẹ́. Ẹ má ka ti ọjọ́ kìíní mọ́ ọn, ẹ fi ìyókù wá ìdá ọgbọọgba. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ìdá ọgbọọgba ilé tó bá pé 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ga, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ kó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Dókítà màmá ni yóò sọ èyí tó bá ara wọn mu. Títí dìgbà náà, kí wọ́n máa lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má fi kún un, kí wọ́n má sì yọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá dé 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n, tí èémí ń ṣòro, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan kú, ẹ má jókòó ronú nípa kọ́ọ̀fù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń padà lọ bá dókítà, ẹ gbé ẹ̀rọ àti kọ́ọ̀fù tuntun náà dání, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì pé kọ́ọ̀fù wo ni wọ́n fi rí 138/84 yẹn. Bí ó bá jẹ́ kékeré ni wọ́n lò níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé 138 yẹn pàápàá lè ga ju ti òótọ́ lọ. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí ẹ ń kọ ìfúnpá sí: apá òsì, yíká rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, àti nọ́ńbà tó wà lára kọ́ọ̀fù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn màmá lẹ́yìn wa lè mọ èyí tí yóò mú.